Àwọ̀ Tí Yóò Bá Pálọ̀ Ọdún Mu
(Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ọ̀ṣọ́ bá ẹgbẹ́ àti àwọn àlejò sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá)

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹgbẹ́ ní kí àwa Ìgbìmọ̀ Ọ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀ ṣókí lórí bí èèyàn ṣe lè mú àwọ̀ tí yóò fi ṣe pálọ̀ rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ fún ọdún, láìra àga tuntun, láìpààrọ̀ kọ́tìnì, láìkun ògiri lọ́dà. Bí a ṣe ń ṣe é nínú ilé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nìyí, kò sí awo kankan níbẹ̀.

Ohun tí ó wọ́pọ̀ ni pé ọjà ni a kọ́kọ́ ń sáré lọ. Ọdún Kérésì ń bọ̀, a ra pupa àti ewé. Iléyá ń bọ̀, a ra góòlù àti fàdákà. Ọjọ́ ìbí ọmọ ń bọ̀, a ra bàlúùnù oríṣi márùn-ún. Nígbà tí a bá kó gbogbo rẹ̀ dé inú pálọ̀ ni a tó rí i pé wọn kò bá àga ṣọ̀rẹ́. Owó ti lọ, a sì ní láti lo ohun tí a rà. Nítorí náà, inú pálọ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó dé Ìtòkú tàbí Kútọ̀.

Ẹ dúró sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹ ka àwọn ohun ńlá tí kò ní kúrò: ògiri, ilẹ̀, àga, kọ́tìnì. Ẹ pín wọn sí ìdílé mẹ́ta tí àwọn àgbà ti pín àwọ̀ sí láti ọjọ́ pípẹ́, ìyẹn funfun, pupa àti dúdú. Ẹ má fi ojú kéré ìpín yìí. Àwọn kan máa ń rẹ́rìn-ín pé Yorùbá kò mọ̀ ju àwọ̀ mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n ìpín náà wúlò gan-an fún ẹni tó ń tún ilé ṣe. Nínú pupa ni pupa fòò wà, àti wáìnì, àti àwọ̀ ọsàn, àti ìyeyè, àti àwọ̀ kọfí, àti góòlù: gbogbo àwọ̀ tó jọ iná àti ilẹ̀. Nínú dúdú ni aró wà, àti ewéko, àti dúdú fúnra rẹ̀: gbogbo àwọ̀ tó jọ omi jíjìn àti igbó. Nínú funfun ni fàdákà àti eérú tó mọ́lẹ̀ wà. Bí ẹ bá ti pín in báyìí, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ pálọ̀ ní Abẹ́òkúta ní ìdílé kan ṣoṣo tó pọ̀ ju èyí tókù lọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú pálọ̀ kan tí a ṣe, kí ọ̀rọ̀ má bàa wà lójú òfuurufú. Ilé ọmọ ẹgbẹ́ kan ni, a kò ní dárúkọ. Ọ̀dà kíríìmù ni ògiri rẹ̀, irú kíríìmù tó fi ara jọ ìyeyè. Àga aláwọ tó ní àwọ̀ kọfí ni, ti èèyàn méje. Kọ́tìnì jẹ́ wáìnì tó ní iṣẹ́ òwú góòlù lára, nẹ́ẹ̀tì funfun sì wà lábẹ́ rẹ̀. Táìlì ilẹ̀ dàbí àwọ̀ sányán. Ìyá ilé fẹ́ kí ilé rẹ̀ gba àlejò láàárín ọdún Kérésì sí ọdún tuntun, kí ohun tó rà sì tún ṣeé lò ní Iléyá, nítorí pé bí ó ti máa ń rí nílẹ̀ Ẹ̀gbá, inú ẹbí kan náà ni onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí wà.

Ẹ wo ohun tó wà nílẹ̀: kíríìmù, kọfí, wáìnì, góòlù, sányán. Ìdílé pupa ni gbogbo wọn. Kò sí nǹkan kan tó burú nínú rẹ̀, ilé náà móoru lójú, ó sì fani mọ́ra. Àléébù rẹ̀ ni pé kò sí ibi tí ojú yóò ti simi. Àléébù kejì kò hàn kíákíá, òun ni ìwúwo. Kọ́tìnì àti àga jọ ṣókùnkùn bákan náà ni. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti mọ èyí ni kí ẹ fi fóònù ya àwòrán pálọ̀ náà, kí ẹ sì yí àwòrán náà sí èyí tí kò ní àwọ̀, bíi fọ́tò àtijọ́. Nínú àwòrán ti ilé yìí, àga àti kọ́tìnì di òkìtì eérú dúdú kan náà, a kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ibi tí àga parí sí àti ibi tí kọ́tìnì ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ilé náà ń béèrè ni àwọ̀ kan láti ìdílé mìíràn, èyí tí ìmọ́lẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ìyá ilé ti ní in lọ́kàn pé pupa fòò ni òun yóò rà, nítorí Kérésì. A ní kí ó mú gèlè pupa fòò kan wá láti inú àpótí, a tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ kọ́tìnì. Kíá ni wáìnì náà dàbí aṣọ tó ti ṣá, tó fẹ́ di àwọ̀ ilẹ̀. Bí ó ṣe máa ń rí nìyẹn: bí a bá fi àwọ̀ tó mọ́ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jinlẹ̀, èyí tó jinlẹ̀ ni ó ń dọ̀tí lójú. Funfun báláú náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ògiri kíríìmù, ìdí sì nìyí tí nẹ́ẹ̀tì ilé náà fi ń jẹ́ kí ògiri dàbí èyí tí èéfín ti bà. Nẹ́ẹ̀tì nìkan ni a ní kí ó pààrọ̀ sí kíríìmù, nítorí kì í ṣe ohun tó wọ́n. Kọ́tìnì gan-an kò kúrò.

A wá lọ sí ìdílé dúdú, aró ni a sì mú. Ẹ má rò pé torí pé ọmọ Abẹ́òkúta ni wá ni a fi mú àdìrẹ. Ìdí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni pé àwọ̀ kọfí jẹ́ àwọ̀ ọsàn tó ṣókùnkùn, aró ni ó sì dojú kọ àwọ̀ ọsàn. Bí ẹ kò bá gbà wá gbọ́, ẹ tẹjú mọ́ ọsàn tó pọ́n dáadáa fún ìwọ̀n ààbọ̀ ìṣẹ́jú láìṣẹ́jú, kí ẹ wá gbójú sórí bébà funfun: àwọ̀ tí ẹ ó rí tí ń léfòó níbẹ̀ jọ àyìnrín, ìyẹn aró tó fẹ́lẹ́. Ojú wa fúnra rẹ̀ ló ń wá a. Nítorí náà, bí aró bá jókòó lórí àga kọfí, àga á tàn sí i, aró náà á jinlẹ̀ sí i, kò sì sí èyí tó ń ba èkejì jẹ́.

Ṣùgbọ́n aró wo? Àwọn tó ń pa aró ní orúkọ fún ìpele rẹ̀, láti àyìnrín tó fẹ́lẹ́ dé èyí tó dúdú bí ẹtù. Pálọ̀ yìí ti ní ohun dúdú tó pọ̀, nítorí náà a kò mú aṣọ tí aró bo gbogbo ojú rẹ̀. Àdìrẹ tí funfun ilẹ̀ rẹ̀ tó ìlàjì ni a wá. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ dára fún èyí. Ẹ̀kọ láfún tí a fi ya iṣẹ́ sára rẹ̀ kì í dí aró pátápátá, nítorí náà funfun tó kù lẹ́yìn tí a bá ha ẹ̀kọ kúrò kì í funfun báláú, àyìnrín díẹ̀ máa ń wà nínú rẹ̀. Irú funfun bẹ́ẹ̀ kì í ba kíríìmù jà. Ní Abẹ́òkúta níbí, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ẹlẹ́kọ ni wọ́n máa ń fi páànù tí a gé ihò sí tẹ̀, nígbà tí Ìbàdàn gbajúmọ̀ fún èyí tí a fi ìyẹ́ adìyẹ yà. Ti páànù a máa tò létòlétò, ó sì dára lórí ìrọ̀rí onígun mẹ́rin. Àwọn tó mọ àdìrẹ àtijọ́ á rántí èyí tí wọ́n ń pè ní Olóba, tí ó jáde nítorí ayẹyẹ ọdún 25 tí Ọba Jọ́ọ̀jì Karùn-ún lò lórí ìtẹ́ ní 1935. Bí ìyá àgbà yín bá fi ọ̀kan sílẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gé e ṣe ìrọ̀rí.

Bí ẹ bá ń lọ sí Ìtòkú, ẹ tú okùn tí ẹ fi ń di kọ́tìnì mú lọ́wọ́. Ẹ bọ́ ẹ̀wù ìrọ̀rí àga kan, bí ó bá ṣeé bọ́. Ẹ kun ọ̀dà ògiri tó ṣẹ́kù sí ara bébà fífẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ má fi fọ́tò inú fóònù ra aṣọ, fóònù ń purọ́ àwọ̀. Ẹ sì gbé aṣọ jáde kúrò lábẹ́ àbùràdà ọlọ́jà kí ẹ tó wò ó, nítorí àbùràdà pupa a máa da pupa sára ohun gbogbo tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyá tó ń ta á kò ní bínú, wọ́n mọ oníbàárà tó mọ ohun tó ń wá. Bí ẹ bá rí aṣọ tó wù yín ṣùgbọ́n tí aró rẹ̀ dúdú jù, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè pa irú rẹ̀ fún yín ní èyí tó fẹ́lẹ́. Ó máa ń gba ọjọ́ díẹ̀, nítorí náà ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ ọdún. Ní ti àdìrẹ tí a ń pè ní kàm̀pálà, tí àwọ̀ mẹ́ta mẹ́rin jọ wà lára rẹ̀, ó dára lára èèyàn, ṣùgbọ́n fún pálọ̀ tí kọ́tìnì rẹ̀ ti ní iṣẹ́, ariwo rẹ̀ pọ̀ jù.

Ọ̀pá márùn-ún ni a rà, aṣọ tó fẹ̀ tó 45 ìńṣì. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gé e, nítorí òwú máa ń sún kì. Ìrọ̀rí onígun mẹ́rin tó jẹ́ 18 ìńṣì ni a ń lò. A máa ń gé ojú rẹ̀ ní 19 kí ibi tí a ó rán lè wà, a sì gé ẹ̀yìn rẹ̀ bákan náà pẹ̀lú síìpù. Méjì gba ìbú aṣọ dáadáa. Ìrọ̀rí mẹ́fà gba 114 ìńṣì nínú gígùn 180. Ohun tó kù, bí aṣọ tilẹ̀ sún kì díẹ̀, ṣì tó 60 ìńṣì, ìyẹn sì tó fún aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ó tẹ́ sí àárín tábìlì. Ìrọ̀rí mẹ́rin lórí àga gígùn, ọ̀kan ọ̀kan lórí àga méjì tó dojú kọ ọ́, tábìlì láàárín. Àwọ̀ tuntun náà ti wà ní ibi mẹ́rin nínú yàrá. Bí ó bá wà ní ibì kan ṣoṣo, yóò dàbí ohun tí èèyàn gbàgbé síbẹ̀; ó kéré tán kí ó fara hàn ní ibi mẹ́ta kí ojú tó gbà pé a mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀ ni.

Ẹ wò ó pé a kò ra ohun púpọ̀. Nínú pálọ̀ tó tòrò, ohun tí ó gba bíi ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ojú ni ògiri àti ilẹ̀, ìdá mẹ́ta ni àga àti kọ́tìnì, ìdá kan tó kù ni ti ọdún. Ẹni tó bá kó ohun ọdún jọ ju ìdá kan yẹn lọ ni ó máa ń sọ pé pálọ̀ òun ti di ṣọ́ọ̀bù.

Àwọ̀ kejì tí a fi kún un ni góòlù, a kò sì lọ wá a níbòmíràn, ara òwú kọ́tìnì ni a ti rí i. Abọ́ góòlù kan lórí tábìlì, férémù fọ́tò méjì, ó tán. A kò lo fàdákà rárá, nítorí ìdílé funfun tútù ni, kò sì sí ìbátan rẹ̀ kankan nínú ilé yẹn. Fún Kérésì, ewé tútù gidi ni a fi sínú abọ́ náà. Nígbà tí Iléyá bá dé, wọn yóò yọ ewé kúrò, wọn yóò kó dàbínù tàbí èso sínú abọ́, ìrọ̀rí yóò sì wà níbi tó wà.

Ọ̀rọ̀ iná ni ó kù, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bàjẹ́. Ẹ wo aṣọ náà nínú pálọ̀ yín ní òwúrọ̀, ní ìrọ̀lẹ́, àti ní alẹ́ lábẹ́ gílóòbù yín gan-an. Gílóòbù tó ń tàn pọ́n bí iná fìtílà, tí wọ́n ń kọ 3000K sára páálí rẹ̀, ń gbé kọfí àti wáìnì ga, ṣùgbọ́n ó ń pa aró; àdìrẹ tó dúdú á di dúdú lásán lábẹ́ rẹ̀. Èyí tó funfun, tí wọ́n ń kọ 6500K sí lára, ń jẹ́ kí aró jáde, ṣùgbọ́n ó ń mú kí kíríìmù rọ kí àwọ ara àlejò sì dàbí ẹni tí kò sùn. Nínú ilé yìí, ohun tí a ṣe ni pé a fi èyí tó pọ́n sí òkè, nítorí ìdílé pupa ló pọ̀ jù níbẹ̀, a sì fi ọkàn balẹ̀ pé funfun inú àdìrẹ pọ̀ tó láti gbà á. Èyí tí kò dára ni kí oríṣi méjèèjì jọ máa tàn nínú yàrá kan, nítorí ògiri kan náà á di àwọ̀ méjì.

Aró a máa yọ, ìkìlọ̀ yìí kò ṣeé fò. Nígbà tí aṣọ bá jáde nínú ìkòkò aró, ewé tó fi ara jọ ìyeyè ni ó máa ń jọ. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró. Èyí tó wọ inú òwú á dúró, èyí tó kàn jókòó sórí rẹ̀ ni ó ń ra mọ́ nǹkan. Ẹ rẹ áńkáṣíìfù funfun sínú omi, ẹ fún un, ẹ fi ra aṣọ náà nígbà mẹ́wàá. Bí áńkáṣíìfù bá di àyìnrín, ẹ máa ṣan aṣọ náà nínú omi tútù títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́. Iyọ̀ àti fíníkà tí àwọn kan ń fi sí i kò mú aró dúró. Ṣíṣàn náà ló ń ṣe é. Lórí àga aláwọ tó ní àwọ̀ kọfí, bí ó bá yọ díẹ̀, a lè nù ún. Lórí àga aláṣọ kíríìmù, a kì í gbé àdìrẹ tí kò yege ìdánwò yẹn lé e rárá.

Ẹ̀yin tí ilé yín jẹ́ ti ìgbàlódé, tí ògiri funfun, tí àga àti kọ́tìnì jẹ́ eérú, ìdílé funfun ni tiyín, àìsàn yín sì yàtọ̀. Ilé tútù ni, pupa ni ó ń wá. Àlàárì ló yẹ yín: pupa tó jinlẹ̀, lórí ìrọ̀rí mẹ́rin, pẹ̀lú fàdákà dípò góòlù. Pupa fòò tí a lé jáde nínú ilé àkọ́kọ́ lè wọ tiyín láìjà. Ẹni tí ògiri rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé ọsàn, ògiri náà ti ń pariwo tó. Kí ó lo sányán àti kíríìmù, kí ó jẹ́ kí ó mọ bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn ìwé òyìnbó lórí ọ̀ṣọ́ ilé kò mẹ́nu bà, òun sì ni aṣọ ẹbí. Bí èèyàn ogún bá wọ pálọ̀ pẹ̀lú aṣọ kan náà, aṣọ wọn ti di àwọ̀ tó pọ̀ jù nínú yàrá, ìrọ̀rí yín ti wà lábẹ́ ẹ̀yìn wọn. Nínú ilé tí a sọ yìí, wáìnì ni ẹbí kọ́kọ́ mú. A tẹ́ ègé aṣọ náà sára kọ́tìnì, a ya fọ́tò, a kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Gbogbo ẹni tó bá dúró síwájú kọ́tìnì yẹn yóò di orí àti ọwọ́ nìkan nínú fọ́tò. Wọ́n yí i sí sányán pẹ̀lú gèlè aró, fọ́tò sì jáde dáadáa. Nítorí náà, kí ẹni tó ń yan aṣọ ẹbí ayẹyẹ inú ilé béèrè àwọ̀ kọ́tìnì kí ó tó san owó.

Lẹ́yìn ọdún, ẹ gbọn eruku ọyẹ́ kúrò lára ìrọ̀rí, ẹ fọ̀ wọ́n lọ́tọ̀, ẹ yí inú wọn síta, ẹ sá wọn sábẹ́ òjìji, nítorí oòrùn a máa ṣá aró. Ẹ ká wọn pa mọ́ sínú àpò aṣọ, kí ẹ má lo ọ̀rá, nítorí ooru inú rẹ̀ a máa mú kí aṣọ bu. A ti kó ègé àdìrẹ oríṣi mẹ́fà sórí tábìlì tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá mú okùn kọ́tìnì rẹ̀ wá, kí ó wá bá wa níbẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ.